Èjìká, apá, ẹnu ṣòkòtò: bí a ṣe ń fi fọ́tò inú dígí mọ̀ bóyá súùtù tàbí agbádá bá ni mu

Èmi télọ̀ tí mò ń kọ èyí ti gé apá kóòtù tí kò yẹ kí n gé rí. Oníbàárà mi kan ní Àbújá ló fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Ó dúró síwájú dígí, apá kóòtù kan bo ọwọ́ rẹ̀, ìka nìkan ló yọ síta. Ó fi kóòtù náà ránṣẹ́ sí mi n'Ìbàdàn nípa wáyébìlì, ó ní kí n bá òun gé apá tó gùn yẹn. Lórí tábìlì, apá méjèèjì dọ́gba, torí èjìká rẹ̀ kan ló wálẹ̀ ju èkejì lọ. Fọ́tò nìkan ni mo ní tí mo lè fi mọ apá tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo wò ó, apá tó gùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún fọ́tò. Ẹni tó bá dojú kọni, òsì rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí ọ̀tún tiwa, nítorí náà mo gé apá òsì. Nígbà tí kóòtù padà dé Àbújá, ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó dáa lẹ gé o!” Dígí ti yí gbogbo rẹ̀ po mọ́ mi lójú. Owó mi ni mo fi ra aṣọ tí mo fi rán apá méjèèjì tuntun.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba “ọ̀tún” tàbí “òsì” lẹ́nu oníbàárà mọ́. Àpò àyà ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Àyà òsì ẹni tó wọ kóòtù ni àpò àyà máa ń wà, àyà òsì náà sì ni àpò ńlá agbádá máa ń wà. Bí ẹ bá wo fọ́tò kan tí àpò wà lọ́wọ́ òsì fọ́tò náà, inú dígí ló ti wá. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún fọ́tò, ẹlòmíràn ló ya ẹni náà lójúkojú. Àwọn fóònù kan máa ń yí fọ́tò tí wọ́n bá fi kámẹ́rà iwájú yà padà, àwọn mìíràn kì í yí i, ṣùgbọ́n àpò ò ní parọ́ fún yín. Torí náà, bí ẹ bá ń kọ̀wé sí télọ̀, ẹ kọ “apá tó wà níhà àpò” àti “apá tí kò sí níhà àpò”. Kò sẹ́ni tó máa ṣi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ọkọ ìyàwó kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni màá fi ṣàpẹẹrẹ jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Súùtù tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbẹ̀ ló ti rà á ní rírán sílẹ̀. Agbádá aṣọ òkè tó fẹ́ wọ̀ níbi ìdána, èmi ni mo rán an tí mo fi ránṣẹ́. Gíga rẹ̀ jẹ́ 178 sẹ̀ǹtímítà. Fọ́tò tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ò wúlò fún nǹkan kan, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò náà fúnra rẹ̀

Ẹni tó bá gbé fóònù sókè níwájú dígí ti ba èjìká àti apá kan jẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì. Bí a bá ká ìgúnpá, èjìká á gòkè, apá kóòtù á fà sókè, aṣọ á sì hunjọ láti abíyá dé kọ́là. Gbogbo ìyẹn á wá dà bí àṣìṣe télọ̀. Bí ẹ bá dá nìkan wà, ẹ di fóònù mú ní ìwọ̀n ìdodo, kí ẹ fún ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ọwọ́ kejì sì rọ̀ wálẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ìhà ọwọ́ tó rọ̀ nìkan lẹ máa yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fóònù sí ọwọ́ kejì, kí ẹ tún yà á. Èyí tó dáa jù ni pé kí ẹ gbé fóònù ka orí ẹ̀yìn àga tàbí àpótí tó ga dé ìdodo, kí ẹ ṣètò kámẹ́rà kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó ya fọ́tò, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì rọ̀.

Ẹ má wo ojú fóònù. Bí a bá tẹ orí ba láti wò ó, ọrùn á nà síwájú, kọ́là kóòtù á sì yà kúrò lára kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ àlàfo yẹn gan-an la fi ń mọ kóòtù tí èjìká rẹ̀ kò dára. Iwájú gan-an ni kí ẹ wò, sí ojú ara yín nínú dígí. Kí ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró nígbà tí ẹ bá ń retí mọ́tò, ẹ má gbàyà sókè bí ọlọ́pàá tó wà lórí ìlà.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà náà ṣe pàtàkì. Ẹ dúró ní mítà kan ààbọ̀ sí dígí, ó kéré tán. Dígí máa ń sọ ọ̀nà di méjì: fóònù tó wà ní mítà kan ààbọ̀ sí dígí, bí ẹni pé ó jìnnà sí yín ní mítà mẹ́ta ló ṣe ń rí yín, ìyẹn sì dára. Bí ẹ bá sún mọ́ dígí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà á tóbi ju bó ṣe rí lọ. Bí fóònù bá wà ní àyà, àyà á fẹ̀, ẹsẹ̀ á kúrú.

Ohun tó wá pa ọkọ ìyàwó wa lára ni dígí tó gbé ti ògiri. Bí ìsàlẹ̀ dígí bá yọ síwájú tí orí rẹ̀ fara ti ògiri, ṣe ló ń wo òkè díẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ ni ohun tí ẹni tó lọ sílẹ̀ tó ń wò yín láti ìsàlẹ̀ máa rí. Dígí rẹ̀ ga ní 150 sẹ̀ǹtímítà, ìdí rẹ̀ sì fi 13 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n fún ẹni tó dúró ní mítà kan ààbọ̀, bí ẹni pé a gbé fóònù wálẹ̀ ní nǹkan bíi 26 sẹ̀ǹtímítà ni. Ẹsẹ̀ á gùn, orí á kéré, àlàfo tó wà láàárín ẹnu ṣòkòtò àti bàtà á fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dígí inú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ mìíràn fi máa ń mú ènìyàn rẹwà ju ti ilé lọ. Ẹ gbé dígí dúró ṣánṣán, tàbí kí ẹ wá èyí tí wọ́n kàn mọ́ ara wọ́dúróòbù.

Bí aṣọ bá dúdú, ìhunjọ rẹ̀ kì í hàn. Ẹ dúró kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ẹ má jẹ́ kó ti ẹ̀yìn wá. Kí ẹ fi ìka tẹ ibi tí kóòtù wà lójú fóònù kí kámẹ́rà lè mọ́lẹ̀ sí i. Kí ẹ lọ aṣọ náà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ àti pọ́ọ̀sì kúrò nínú àpò. Fọ́tò mẹ́rin ni mo máa ń béèrè fún: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, àti ẹsẹ̀ nìkan. Tí ti ẹ̀yìn bá nira, ẹ ya fídíò, kí ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi aṣọ han ìyá rẹ̀, èmi á yan ibi tí mo fẹ́ nínú rẹ̀.

Èjìká kóòtù la kọ́kọ́ ń wò

Torí pé òun ló ṣòro jù láti tún ṣe ni. Apá, a lè gé e. Ìbàdí, a lè fún un. Ṣùgbọ́n láti dín èjìká kóòtù kù, télọ̀ gbọ́dọ̀ tú apá, kó yọ fóòmù tó gbé èjìká dúró nínú, kó gé èjìká, kó tún gbé apá padà sí ojú ihò tó ti yí padà. Owó rẹ̀ lè sún mọ́ ti kóòtù mìíràn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́. Bí èjìká kóòtù tí ẹ fẹ́ rà bá fẹ̀ jù, ẹ dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Nínú fọ́tò iwájú, ẹ wá ojú ìránpọ̀, ìyẹn ibi tí a ti so apá mọ́ èjìká. Ibi tí egungun èjìká parí sí gan-an ló yẹ kó wà. Ẹ fi ìka tẹ èjìká ara yín láti ọrùn lọ síta: ibi tí egungun ti já sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni. Ojú ìránpọ̀ á ti sọ púpọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ òótọ́ jù. Bí kóòtù bá fẹ̀ jù, fóòmù á yọ síta ju egungun lọ, kò sì ní sí ohun tó gbé aṣọ dúró lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà apá á jìn wọ inú díẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìránpọ̀, bí ìgbà tí a fi àtàńpàkò tẹ búrẹ́dì. Bó bá fún jù, òdìkejì ni: ẹran apá á ti aṣọ síta, ẹ ó sì rí i tó wú lábẹ́ ojú ìránpọ̀.

Tí fọ́tò kò bá ṣe kedere, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ rọra fi èjìká kàn án. Bó bá jẹ́ pé fóòmù ló kọ́kọ́ kan ògiri tí apá yín kò tíì kàn án, ó fẹ̀. Mo ní kí ọkọ ìyàwó ṣe bẹ́ẹ̀. Fóòmù àti apá kan ògiri pa pọ̀. Èjìká rẹ̀ dára, kò tún sí ìjà níbẹ̀ mọ́.

Fọ́tò ẹ̀yìn ló kù. Ẹ wo abẹ́ kọ́là. Bí aṣọ bá ká jọ ní ìbú láti èjìká kan dé èkejì, bí ìrọ̀rí kékeré tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọrùn, èjìká ẹni náà ga gbọnrangandan ju èyí tí wọ́n rán kóòtù fún lọ. Èyí ṣeé ṣe: télọ̀ á tú kọ́là, á gé díẹ̀ nínú aṣọ lábẹ́ rẹ̀, á sì rán an padà. Bí ìlà bá ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn gba ìdàgẹ̀rẹ̀ lọ sí abíyá, èjìká rẹ̀ ló rọ̀. Tó bá jẹ́ ìhà kan péré ni ìlà náà wà, èjìká kan ló rọ̀ ju èkejì lọ, ó sì wọ́pọ̀ gan-an. Fóòmù tó nípọn díẹ̀ níhà yẹn tó o. Ẹni Àbújá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, fóòmù ló yẹ kí n fi sí i, kò yẹ kí n gbé sísọ́ọ̀sì rárá. Apá kóòtù rẹ̀ kò gùn jù, èjìká tó wálẹ̀ ló gbé e wálẹ̀.

Apá: jẹ́ kí bébà sọ iye rẹ̀

Ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀ pátápátá kí ẹ tó wo apá. Ẹnu apá kóòtù yẹ kó dé orí egungun tó yọ ní ọrùn ọwọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì á yọ síta lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, láti ìdá mẹ́rin ínṣì kan dé ààbọ̀ ínṣì. Bí ṣẹ́ẹ̀tì kò bá yọ rárá, ẹ má tíì dá kóòtù lẹ́bi. Ṣẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè kúrú. Ẹ bọ́ kóòtù, kí ẹ wò ó: ẹnu apá ṣẹ́ẹ̀tì yẹ kó dúró níbi tí ìdí àtàńpàkò ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú lásán máa ń tan ni nínú fọ́tò, nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n lẹ bébà kan mọ́ itan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó rọ̀. Bébà tí a fi ń tẹ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní A4, gígùn rẹ̀ jẹ́ 29.7 sẹ̀ǹtímítà níbi gbogbo láyé. Ara ni kó wà. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, ó súnmọ́ kámẹ́rà ju ara yín lọ, á sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Báyìí ni mo ṣe ṣe ti ọkọ ìyàwó. Mo ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, mo fi rúlà wọn bébà lójú rẹ̀: gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Bí 29.7 bá di 6, a jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan lójú kọ̀ǹpútà dúró fún nǹkan bíi márùn-ún lára rẹ̀. Mo wá wọn láti orí àtàńpàkò rẹ̀ dé ẹnu apá kóòtù: 1.9. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 9.5 sẹ̀ǹtímítà. Fún ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin, 11 sí 12 ló yẹ kó wà láàárín orí àtàńpàkò àti ẹnu apá kóòtù. Apá náà gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo wo ìhà kejì, bákan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára ìwọ̀n yìí mọ. Rúlà lè ṣì, ọwọ́ lè tẹ̀, bébà lè dàgẹ̀rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ bí ìyàtọ̀ bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà kan. Kódà, bó ti jẹ́ méjì yìí, n kò ní kí wọ́n gé e. Mo ní kó ká ẹnu apá sínú ní sẹ̀ǹtímítà méjì, kó fi píìnì dì í, kó tún fọ́tò yà. Ṣẹ́ẹ̀tì yọ jáde bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn ló tó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà ládùúgbò rẹ̀.

Kó tó lọ, mo ní kó wo bọ́tìnnì ẹnu apá. Bó bá jẹ́ ihò tòótọ́ ni wọ́n dá sí i, tí ẹ lè ṣí bọ́tìnnì náà, gígé láti ìsàlẹ̀ á mú ihò tó kẹ́yìn súnmọ́ etí jù, télọ̀ sì lè ní láti gé e láti orí èjìká, iṣẹ́ tó wọ́n gan-an. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn rán bọ́tìnnì mọ́ ọn láìní ihò, kò sí wàhálà. Tirẹ̀ kò ní ihò. Fún ẹni tí apá kóòtù rẹ̀ kúrú, inú ni kó wò: a kì í sábàá rí ju ínṣì kan sí ínṣì kan ààbọ̀ aṣọ tí wọ́n ká sínú. Ohun tí a ò bá bá níbẹ̀, kò sí télọ̀ tó lè dá a.

Ẹnu ṣòkòtò

Ṣòkòtò súùtù rọrùn láti gé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fi í sí ẹ̀yìn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ló ń yí gígùn rẹ̀ padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án: ibi tí ẹ so ó sí, bàtà tí ẹ wọ̀, àti gíga fóònù. Ẹni tó so ṣòkòtò sí abẹ́ ikùn nígbà tó ń ya fọ́tò, tó wá so ó sí ìdodo lọ́jọ́ ayẹyẹ, ó ti sọ ínṣì méjì nù. Bàtà ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wọ̀. Mo ti rí ẹni tó wọ sílípáàsì yà á.

Fọ́tò ẹsẹ̀, ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n orúnkún. Bí fóònù bá wà lókè, ẹnu ṣòkòtò á bo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò á sì dà bí èyí tó gùn. Bó bá wà nílẹ̀, á dà bí èyí tó kúrú. Ohun tí ẹ ń wá ni kí iwájú ṣòkòtò kan orí bàtà, kó tẹ̀ díẹ̀ níbi kan ṣoṣo. Bó bá tẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta, bí àkọ́dìọ̀nù, ó gùn. Lẹ́yìn, kó wálẹ̀ dé òkè gìgísẹ̀ bàtà, kó má kan ilẹ̀ rárá. Ẹnu ṣòkòtò tó fún kò lè gun orí bàtà, orí rẹ̀ ló máa ká jọ sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kó kúrú díẹ̀ kó má tẹ̀ rárá.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí ọkọ ìyàwó fi ránṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ hàn ní ìka méjì. Ó ti kọ ọ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè tú ṣòkòtò yìí kó gùn sí i?” Dígí tó dàgẹ̀rẹ̀ ló ṣe é. Nígbà tó gbé dígí dúró ṣánṣán, tó sì gbé fóònù sí orúnkún, ẹnu ṣòkòtò kan bàtà, ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó ti tú u ni, á máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Agbádá yàtọ̀

Ẹni tó bá ń wá ojú ìránpọ̀ lórí èjìká agbádá ń wá ohun tí kò sí. Agbádá kò fi èjìká wọn ara. Ọrùn ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró, èjìká sì ni à ń ká apá rẹ̀ lé. Nítorí náà, ojú ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ló sì máa fi í hàn yín. Bí ìṣẹ́tí iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, tí ọrùn sì ń fún yín lọ́fun, agbádá náà ń yọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n dá ojú ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn jù ni. Bí wọn kò bá tíì ṣe iṣẹ́ ọnà sí i, télọ̀ lè gbẹ́ iwájú ọrùn díẹ̀ sí i. Bí iṣẹ́ ọnà bá ti wà yí ọrùn ká, tí gọ́ọ̀mùsítéè tó ń mú aṣọ le sì ti wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́, ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ nìkan la lè fi bo àṣìṣe náà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba fọ́tò agbádá tí a kàn ṣá rán pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ ọnà sí i.

Fọ́tò méjì ni agbádá ń fẹ́ ní iwájú: ọ̀kan kí ẹ na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n èjìká láìká aṣọ, èkejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká a. Bí ẹ bá na ọwọ́, ẹnu apá agbádá òde òní yẹ kó dé ọrùn ọwọ́, tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Tí àwọn bàbá wa máa ń dé orí ìka. Tí kò bá dé ọrùn ọwọ́, ẹ ó ká a sí èjìká lẹ́ẹ̀kan, á sì tú bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ kí ènìyàn.

Aṣọ òkè ní rúlà tirẹ̀ nínú. Ọ̀já tóóró tóóró ni wọ́n ń hun ún, tí a wá ń rán wọn pọ̀, ojú ìránpọ̀ náà sì máa ń hàn nínú fọ́tò. Ẹ fi téèpù wọn ìbú ọ̀já kan lára aṣọ tiyín, torí kì í ṣe gbogbo ahunṣọ ló ń lo ìbú kan náà. Ti ọkọ ìyàwó yìí, mo mọ̀ ọ́n torí èmi ni mo rán an: sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, bíi ínṣì mẹ́rin. Mo ka ọ̀já láti àárín ọrùn rẹ̀ dé ẹnu apá: mẹ́jọ, ìyẹn 80 sẹ̀ǹtímítà. Ọkùnrin tó ga tó o, láti àárín àyà dé orí ìka máa ń tó nǹkan bíi 89, ọrùn ọwọ́ sì wà ní nǹkan bíi 70. Agbádá rẹ̀ ti fi ọ̀já kan kọjá ọrùn ọwọ́, ó dé ibi tí ìka ti bẹ̀rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ ká a lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó ká a, ìhà àpò jókòó, ìhà kejì ń yọ̀. Mo ka ọ̀já tó wà lórí èjìká méjèèjì, ó ká ìhà kan ju èkejì lọ ni. Kì í ṣe ẹjọ́ aṣọ. Aṣọ òkè wúwo, bí ìhà kan bá ga ju èkejì, á fa ọrùn lọ sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ènìyàn á sì máa rò pé télọ̀ ló dá a wọ́.

Èjìká tí à ń wá wà nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ bọ́ agbádá, kí ẹ ya òun náà ní fọ́tò. Ojú ìránpọ̀ rẹ̀ lè kọjá egungun èjìká díẹ̀ láìjẹ́ wàhálà, torí kò ní fóòmù, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọrùn ọwọ́, nítorí bí a bá ti ká agbádá, apá àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló máa hàn láti ìgúnpá sí ìsàlẹ̀. Àwọn télọ̀ kan máa ń fi agbádá bo àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí kò dára. Ó máa ń tú wọn fó nígbà tí ọkọ ìyàwó bá bọ́ agbádá láti jó.

Gígùn agbádá: àárín ojúgun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rántí pé kíká á gbé ìṣẹ́tí ẹ̀gbẹ́ sókè, nítorí náà àárín iwájú nìkan ni kí ẹ wò. Ṣòkòtò rẹ̀ kì í ṣe ṣòkòtò súùtù. Ṣóóró á parí sí egungun kókósẹ̀, kò ní kan bàtà rárá. Bó bá ká jọ sórí bàtà, á dà bí ẹni tó wọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí agbádá ti fẹ̀ lókè, ojú á sì máa wá ibi tó fún nísàlẹ̀. Nínú fọ́tò ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó, ìlà mẹ́ta ló wà lórí kókósẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó ká a sínú títí ìlà náà á fi tán, kó fi píìnì dì í, kó fi téèpù wọn ohun tó ká: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹjọ́ tèmi nìyẹn, mo wọn ṣòkòtò rẹ̀ gùn.

Ohun kan wà tí fọ́tò ò lè sọ fún wa, ìyẹn bí aṣọ ṣe máa ṣe bí ènìyàn bá jókòó. Mo ní kó wọ kóòtù, kó di bọ́tìnnì, kó jókòó, kó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bu ìrẹsì, kó sọ fún mi bó bá fún un lẹ́yìn. Ó ní kò fún un. Ìwé tó wá kọ fún télọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò ju ìlà méjì lọ: “Gé apá méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà méjì láti ìsàlẹ̀. Má fọwọ́ kan èjìká àti ṣòkòtò.” Ti ṣóóró, ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ sínú, tó sì ní kí n dá owó òun padà.